Kí ló dé tí kílóráìdì fi pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ tí a fi sílẹ̀ láìdé?

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Láàbù kan nílùú Ìbàdàn ni mo ti ń kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́ kan a gba ẹ̀jẹ̀ arákùnrin kan sí túùbù méjì. A yí èkíní nínú sẹ́ńtírífújì lójú ẹsẹ̀. Kí a tó kan èkejì, iná lọ, túùbù náà sì wà lórí tábìlì láìní ìdérí fún bíi wákàtí mẹ́ta. Èsì èkíní: sódíọ̀mù 139, kílóráìdì 102, báíkábọ́nétì 25. Èsì èkejì: sódíọ̀mù 139, kílóráìdì 105, báíkábọ́nétì 20. Ọ̀gá mi ní ìṣípò kílóráìdì ló fà á. Ìwé tí mo ń kà sọ pé ńṣe ni kílóráìdì máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa, kò sọ pé ó ń jáde. Ta ló tọ̀nà? Àbí kílóráìdì gan-an ló ń gbé CO2 kiri?"

Ọ̀gá rẹ tọ̀nà, ìwé rẹ náà kò sì parọ́. Ìdajì ìrìn àjò náà ni ìwé rẹ sọ, ìyẹn ìdajì tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹran ara, níbi tí CO2 ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìdajì kejì ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí CO2 ti ń jáde, ibẹ̀ sì ni kílóráìdì ti ń kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì padà síta. Ìdajì kejì yìí ló ṣẹlẹ̀ nínú túùbù rẹ, láìsí ohun tó lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ìbéèrè ìkẹyìn rẹ kúrò lọ́nà, nítorí òun ló ń da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Kílóráìdì kì í gbé CO2 rárá, kò síbi tí àwọn méjèèjì ti so pọ̀. Báíkábọ́nétì ni CO2 máa ń dà kó tó lè rìn lọ́pọ̀ yanturu nínú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ kílóráìdì kò ju pé kó wá dí àyè tí báíkábọ́nétì bá fi sílẹ̀. Tí o bá di èyí mú, ọ̀nà tí kílóráìdì ń gbà wọlé tàbí jáde kò ní rú ọ lójú mọ́, torí pé CO2 ló ń darí rẹ̀.

Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ láìṣe iṣẹ́ kankan ń pèsè nǹkan bíi mílílítà 200 CO2 ní ìṣẹ́jú kan. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró. Bí a bá wo mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ọkàn lọ sí ara, nǹkan bíi mílílítà 48 CO2 ló wà nínú rẹ̀, ní oríṣiríṣi ìrísí. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ yẹn bá ń padà bọ̀, ó ti di 52. Nítorí náà, mílílítà mẹ́rin péré ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kún ẹrù rẹ̀ ní ìrìn kọ̀ọ̀kan, èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló pọ̀. Ibí ni ìṣòro kan ti máa ń wáyé nínú ìwé. Ìwé kan á sọ pé báíkábọ́nétì jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá CO2 inú ẹ̀jẹ̀, òmíràn á sọ pé ó jẹ́ nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá. Wọn kò ta ko ara wọn. Èyí àkọ́kọ́ ń ka gbogbo ohun tó wà nílẹ̀, èkejì sì ń ka kìkì mílílítà mẹ́rin tuntun yẹn. Nínú tuntun yìí, apá kan so mọ́ hẹmogílóbìn fúnra rẹ̀, díẹ̀ sì yọ́ sínú omi lásán, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù di báíkábọ́nétì.

Bó ṣe ń di báíkábọ́nétì nìyí: CO2 + H2O ⇌ H2CO3 ⇌ H+ + HCO3−. Omi ló gba CO2 mọ́ra, wọ́n di ásíìdì kábọ́nìkì, ásíìdì náà sì pín sí H+, tó ń sọ nǹkan di ásíìdì, àti báíkábọ́nétì. Ohun tó yẹ kí o ṣàkíyèsí ni àkókò. Bí a bá fi CO2 sílẹ̀ pẹ̀lú omi lásán, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ yìí ń gba ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú àáyá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kì í lo ju bí ìṣẹ́jú àáyá kan nínú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín inú ẹran ara. Ká ní inú omi ẹ̀jẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ náà ti ń wáyé, ẹ̀jẹ̀ ì bá ti kọjá lọ kí CO2 tó yí padà. Ẹ́nsáìmù kan tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa ló ń yanjú èyí, kábọ́nìkì áńháídírésì ni orúkọ rẹ̀, síńkì sì wà láàárín rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo rẹ̀ lè yí CO2 tó tó mílíọ̀nù kan padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Meldrum àti Roughton ní Cambridge ló fi í hàn gbogbo ayé ní 1933, lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kàyéfì nípa bí CO2 ṣe lè máa jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kíákíá tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, báíkábọ́nétì pọ̀ nínú omi ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ inú sẹ́ẹ̀lì pupa ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ibi tí ẹ ti ń wọn nǹkan da ibi tí wọ́n ti ń ṣe é rú mọ́ yín lójú.

Bí CO2 ṣe ń yí padà nínú sẹ́ẹ̀lì, nǹkan méjì ló ń kó jọ síbẹ̀. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá dúró, iṣẹ́ náà á dúró, torí pé ìlà tí mo kọ sókè yẹn lè lọ síwájú, ó sì lè padà sẹ́yìn. Àkọ́kọ́ ni H+. Hẹmogílóbìn ló ń gbá a mú, àgàgà hẹmogílóbìn tó ti tú ọ́síjìn rẹ̀ sílẹ̀. Ọ́síjìn tó lọ yẹn ń jẹ́ kí ó lè gba H+ púpọ̀ sí i. Christiansen, Douglas àti Haldane ló fi hàn ní 1914 pé ẹ̀jẹ̀ tó ti fi ọ́síjìn sílẹ̀ ń gbé CO2 ju èyí tó kún fún ọ́síjìn lọ. Nítorí èyí ni ẹ̀jẹ̀ tó ń padà bọ̀ kò fi ní ásíìdì ju èyí tó ń lọ lọ àfi díẹ̀. Èkejì ni báíkábọ́nétì fúnra rẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì kéré, omi ẹ̀jẹ̀ tó wà níta ló gbòòrò, nítorí náà báíkábọ́nétì ń wá ọ̀nà àtijáde.

Àmọ́ báíkábọ́nétì ní àmì iná máínọ́ọ̀sì lára. Bí ó bá ń jáde lọ láìsí ohunkóhun tó tẹ̀lé e tàbí tó rọ́pò rẹ̀, púlọ́ọ̀sì á ṣẹ́ kù sínú sẹ́ẹ̀lì, máínọ́ọ̀sì á pọ̀ níta, agbára iná yìí á sì fa báíkábọ́nétì yòókù sẹ́yìn kí ó tó lọ jìnnà. Ohun tó ní púlọ́ọ̀sì nínú sẹ́ẹ̀lì pupa ni potásíọ̀mù, awọ sẹ́ẹ̀lì kì í sì jẹ́ kí potásíọ̀mù jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù ni kí máínọ́ọ̀sì mìíràn wọlé bí èyí ṣe ń jáde. Kílóráìdì ló pọ̀ jù nínú àwọn máínọ́ọ̀sì tó wà níta, òun náà ló sì ń wọlé. Purotéènì kan tó gba inú awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá, tí wọ́n ń pè ní báǹdì 3, ló ń ṣe pàṣípààrọ̀ náà, ẹyọ kan fún ẹyọ kan. Ó dà bíi Máíkírà tó kún ní Ìwó Road: èrò kan ò lè wọlé àfi kí èrò kan sọ̀ kalẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan purotéènì yìí ló wà lára sẹ́ẹ̀lì pupa kan, èyí ló jẹ́ kí pàṣípààrọ̀ náà lè parí láàárín ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Hamburger, onímọ̀ ará Nẹ́dálándì, ṣàpèjúwe ìṣípò yìí ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìdí nìyẹn tí ìwé mìíràn fi ń fi orúkọ rẹ̀ pè é. Àmì rẹ̀ ṣeé rí lára ẹni tí ara rẹ̀ le: kílóráìdì inú omi ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sí ọkàn máa ń fi díẹ̀ kéré sí ti èyí tó ń ti ọkàn bọ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ sì máa ń wú díẹ̀, torí pé omi ń tẹ̀ lé àwọn èròjà tó pọ̀ sí i nínú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dé ẹ̀dọ̀fóró, kò sí ohun tuntun kankan tí a ní láti kọ́. Agbára títì CO2 nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé jẹ́ nǹkan bíi 46 ní ìwọ̀n mílímítà mẹ́kúrì, ti afẹ́fẹ́ inú àpò ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ 40, nítorí náà CO2 ń jáde. Bí ó ti ń jáde ni ìlà wa ń padà sẹ́yìn: H+ tú kúrò lára hẹmogílóbìn, ó bá báíkábọ́nétì pàdé, wọ́n di CO2 àti omi. Báíkábọ́nétì inú sẹ́ẹ̀lì dín kù, ti ìta wọlé wá rọ́pò rẹ̀, kílóráìdì sì jáde ní ẹyọ kan fún ẹyọ kan. Ẹ́nsáìmù kan náà ni, ẹnu ọ̀nà kan náà ni. Ó sì ń dúró nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti bá afẹ́fẹ́ inú àpò ẹ̀dọ̀fóró dọ́gba ní 40.

Wàyí o, wo túùbù rẹ. Afẹ́fẹ́ inú yàrá láàbù yín kì í ṣe 40. CO2 inú afẹ́fẹ́ ìta kò pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn, agbára títì rẹ̀ kò pé 1 ní ìwọ̀n tí mo lò lókè yẹn. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú túùbù tí kò ní ìdérí ń mí CO2 síta láìdáwọ́ dúró, kò sì síbi tí yóò ti bá afẹ́fẹ́ dọ́gba nítòsí. Sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ ṣì wà láàyè, ẹ́nsáìmù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, báǹdì 3 rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àwọn méjèèjì ò sì nílò iná NEPA. Báíkábọ́nétì ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ó ń di CO2, ó ń fò lọ. Kílóráìdì ń jáde síta ní ipò rẹ̀. Omi ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀rọ yín ń wọ̀n, ìdí nìyẹn tó fi rí báíkábọ́nétì tó dín kù àti kílóráìdì tó lé.

Ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ kò dọ́gba, o sì yẹ kí o ti béèrè nípa rẹ̀. Báíkábọ́nétì fi 5 dín, kílóráìdì fi 3 péré lé. Bó bá jẹ́ ìṣípò nìkan ni, ìbá jẹ́ 5 fún 5. Níbo ni 2 tó kù wà? Sẹ́ẹ̀lì pupa kò ní mitokóńdíríà, nítorí náà kì í sun gúlúkóòsì dé òpin, ńṣe ló ń sọ ọ́ di ásíìdì látíìkì. Nínú yàrá tó móoru, ẹ̀jẹ̀ tí a kò tíì yí lè jẹ gúlúkóòsì inú rẹ̀ ní ìdá bíi 5 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín wákàtí kan. Ásíìdì yìí náà ń pa báíkábọ́nétì, ṣùgbọ́n látétì ló ń fi sípò rẹ̀, kì í ṣe kílóráìdì. Àwọn purotéènì inú omi ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú ń fi H+ tiwọn sílẹ̀ bí CO2 ṣe ń lọ, àwọn náà sì ń gba díẹ̀ nínú àyè náà. O lè rí i nínú nọ́ńbà rẹ. Yọ kílóráìdì àti báíkábọ́nétì kúrò nínú sódíọ̀mù. Èkíní fún ọ ní 12, èkejì ní 14. Méjì tó sọnù yẹn ló jókòó síbẹ̀. Ti sódíọ̀mù tún kọ́ wa ní ohun kan: 139 ló wà ní méjèèjì. Bó bá jẹ́ pé omi ló gbẹ kúrò nínú túùbù, bí ẹnì kan ṣe lè rò nígbà tí kò sí ìdérí, sódíọ̀mù ìbá ti lé pẹ̀lú kílóráìdì.

Ọ̀nà kan wà tí o lè fi dá a mọ̀ dájú pé sẹ́ẹ̀lì ló tú kílóráìdì sílẹ̀, o sì lè dán an wò fúnra rẹ ní láàbù bí ọ̀gá rẹ bá gbà. Yí ẹ̀jẹ̀ kan lójú ẹsẹ̀, fa omi rẹ̀ kúrò lórí sẹ́ẹ̀lì, kí o wá fi omi nìkan sílẹ̀ láìdé fún wákàtí mélòó kan. Báíkábọ́nétì á dín kù níbẹ̀ náà, torí CO2 á ṣì jáde. Kílóráìdì kò ní yẹ̀ kúrò níbi tó wà, torí kò sí sẹ́ẹ̀lì tó máa fún un ní òmíràn.

Ohun tó mú mi fara balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni aláìsàn tó ni ẹ̀jẹ̀ náà. Báíkábọ́nétì tó wálẹ̀, tí kílóráìdì sì lé, tí iye tó ń ṣẹ́ kù bí a bá yọ àwọn méjèèjì kúrò nínú sódíọ̀mù kò sì yí padà púpọ̀, ni àwòrán tí dókítà máa ń rí lára ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ti fa báíkábọ́nétì kúrò lára rẹ̀, tàbí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lè lé ásíìdì jáde bó ṣe yẹ. Bí túùbù kejì yẹn nìkan ló bá dé ọwọ́ dókítà, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá àìsàn tí kò sí lára arákùnrin náà, tàbí kó tilẹ̀ fún un ní oògùn tí kò nílò. Bí aláìsàn náà bá sì ní ìgbẹ́ gbuuru lóòótọ́, èsì náà á mú kó dà bíi pé ó burú ju bó ṣe rí lọ. Mi ò lè fi nọ́ńbà yìí nìkan sọ fún ẹnikẹ́ni èyí tó jẹ́ àìsàn àti èyí tó jẹ́ túùbù, kò sì sí ẹni tó lè ṣe é. Àkókò tí a gba ẹ̀jẹ̀ àti àkókò tí a yí i, tí a kọ sára ìwé, ló ń sọ ìyẹn. Bí wọ́n bá wọn gúlúkóòsì nínú túùbù kan náà, tó sì kéré láìnídìí, ìyẹn náà jẹ́ àmì pé ẹ̀jẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá le, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan tó ń ti ọkàn bọ̀, kí wọ́n wọn CO2 rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nígbà tí iná bá lọ, ohun àkọ́kọ́ ni ìdérí. Kí túùbù kún dáadáa, kí àyè afẹ́fẹ́ má pọ̀ lókè rẹ̀, kí ó sì wà ní dídé títí di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ wọn ún. Èyí ń dá CO2 tó ń fò lọ dúró, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kò dá ásíìdì látíìkì dúró, torí náà má ṣe rò pé túùbù tó ní ìdérí lè dúró títí di ọjọ́ kejì. Àwọn kan máa ń sáré gbé e sínú fíríìjì. Òtútù ń dín jíjẹ gúlúkóòsì kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń dẹ́kun ẹ̀rọ inú awọ sẹ́ẹ̀lì tó ń fa potásíọ̀mù padà wọlé, nítorí náà potásíọ̀mù á máa jò síta, èsì rẹ̀ á sì lé lásán. Bí wọ́n bá béèrè potásíọ̀mù, mi ò ní gbé ẹ̀jẹ̀ tí a kò tíì yí sínú fíríìjì. Sẹ́ńtírífújì kékeré tí a ń fọwọ́ yí wà lọ́jà, ó ń rẹ apá, àmọ́ ó lè ya omi kúrò lára sẹ́ẹ̀lì láìsí iná, mo sì fara mọ́ ọn ju kí a máa retí kí iná dé lọ. Ohun kan tí mi ò fara mọ́ rárá ni kí ẹnì kan jókòó kó fi 5 kún báíkábọ́nétì kó sì yọ 3 kúrò nínú kílóráìdì. Bí ẹnu túùbù ṣe gbòòrò tó, bí yàrá ṣe gbóná tó, iye sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni náà, gbogbo rẹ̀ ló ń yí ìṣirò náà padà. Nọ́ńbà tó bá túùbù ọjọ́ yẹn mu kò ní bá ti ọ̀la mu.

Fún arákùnrin yẹn, èsì túùbù àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé èkejì nìkan lẹ ní, ẹ lè fi sódíọ̀mù rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fa igi sórí kílóráìdì àti báíkábọ́nétì, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wà láìdé fún wákàtí mẹ́ta kí a tó yí i, kí ẹ sì béèrè fún ẹ̀jẹ̀ tuntun.